Ìkéde Pàtàkì: A Ti Fagi Lé Àpéjọ Ọjọ́ 17 àti 18 Oṣù Kẹwàá Nítorí Omíyalé

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
Láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ aláṣẹ
Ọjọ́rú, ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, aago 5 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ewu òjò o. Ẹ má wá sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17, ẹ má sì wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 18. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní wáyé mọ́ bí a ṣe ṣètò rẹ̀. Ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti sún sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, aago 10 òwúrọ̀, ní gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lórí òkè. Kì í ṣe gbọ̀ngán wa o. Bí ẹ kò bá ráyè ka ìyókù báyìí, ẹ mú ìyẹn dání, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nítòsí yín tí kì í lo Wàsáàpù.

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ wa kankan tó fara pa. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé owó, àti àpótí ìdìbò ti wà ní yàrá òkè kí omi tó wọlé. Gbogbo owó tí ẹ fi pamọ́ ló wà ní báńkì. Omi kò lè dé ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ du ipò ṣì dúró bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò ní tún òmíràn kọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi odò kún kọjá ẹnu, ó sì wọ gbọ̀ngán. Ìlà ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri fi hàn pé ó ga tó sẹ̀ńtímítà 35 nínú ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fi sẹ̀ńtímítà 30 péré ga sí ilẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn ló mumi. Jẹnẹrétọ̀ wà lórí pẹpẹ kọnkéré tó ga ní sẹ̀ńtímítà 40, ṣùgbọ́n níta níbẹ̀, omi ga tó 55. Ní ọ̀sán òní, omi ti fà nínú ilé, ó ku ẹrẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé, "Omi ti lọ, ẹ jẹ́ ká gbálẹ̀, ká jókòó." A gbọ́ wọn, a sì mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò. Àmọ́ a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ ni iná. Ògiri lè gbẹ lójú, kí omi ṣì dúró nínú páìpù tí wáyà gbà kọjá. Ẹ tú ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ ó rí i tí omi dúdú ń kán jáde láti inú ihò páìpù, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ara ògiri ti gbẹ pátá. Bí ẹnìkan bá tan iná sí irú wáyà bẹ́ẹ̀, ó lè gbé ẹni tó fọwọ́ kan súìṣì, ó sì lè dáná sun ilé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Oníná wa yóò tú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kúrò, yóò pààrọ̀ wọn, yóò jẹ́ kí páìpù gbẹ, lẹ́yìn náà yóò fi mítà tó ń ti fóòtì 500 sínú wáyà yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí mítà kò bá kà tó 1 MΩ fún, ìyẹn ni pé iná lè máa jò lára rẹ̀, a ò ní tan iná sí i. Nínú jẹnẹrétọ̀, a ó da ọ́ìlì àti epo tó wà nínú rẹ̀ nù, a ó sì jẹ́ kí wáyà tí a wé sínú ibi tó ń mú iná jáde gbẹ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó fà á. Ẹni tó bá sáré fà á tí omi ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì, ó ti ba ẹ́ńjìnì yẹn jẹ́ nìyẹn.

Ìdí kejì ni ọ̀nà. Afárá tí ẹ̀ka kẹta àti ẹ̀ka kẹrin ń gbà wá kò wó, ṣùgbọ́n omi ti jẹ iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ etí rẹ̀ lápá òsì. Ọ̀dà títì ṣì wà lókè, ihò wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó bá tẹ ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Lápá ibi tí omi ṣì ń ṣàn kọjá títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú wọn ọ́n. Omi tó ń sáré, tí kò ga ju sẹ̀ńtímítà 15 lọ, ìyẹn bí ọrùn ẹsẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ńtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó, 60 sì lè wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ lọ, títí kan jíìpù gíga. Omi ẹrẹ̀ kì í sì í fi ihò hàn. Bí òjò bá dá níbi tí ẹ wà, ìyẹn kò ní kí odò má tún kún: omi tó rọ̀ lókè odò ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ó sì lè jẹ́ òru ló máa dé.

Àwọn kan bi wá pé ṣé a ò lè fi àwọn tó wà nítòsí ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ìpàdé tó lè dìbò. A jẹ́ 412, nítorí náà ènìyàn 138 ni. Ká tilẹ̀ ní a rí 138, ẹ̀ka méjì ni kò ní lè dìbò, ìdìbò tí a bá sì ṣe báyẹn, ẹjọ́ ni yóò bí. Òfin kan náà ló ní ká fún yín ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí a tó pe ìpàdé gbogbogbòò. Ìdí nìyẹn tí a kò fi mú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ètò tuntun wá nìyí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwé owó ni a ó ṣe ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, láti aago 4 sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ní ibi tí ẹ̀ka ti ń ṣèpàdé oṣooṣù: ẹ̀ka kìíní ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ẹ̀ka kejì ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 29, ẹ̀ka kẹta ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 30, ẹ̀ka kẹrin ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá. Kò sí ẹni tí yóò gba afárá kọjá nítorí rẹ̀. Lójú tiwa, ó tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ènìyàn 100 nínú yàrá kan kì í jẹ́ kí ẹni tí kò yé rí àyè béèrè.

Ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, láti aago 4 sí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́, akápò yóò ṣàlàyé ìròyìn owó ọdún lórí Wàsáàpù ẹgbẹ́. Àlàyé àti ìbéèrè nìkan ni o. A ò ní dìbò, a ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wa ló ní fóònù tó ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kó gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀ láti ọjọ́ 22.

Gbọ̀ngán orí òkè gba ènìyàn 300 ní ìjókòó. A ó ta àtíbàbà méjì síta, a ó sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀ kí ẹni tó wà níta lè gbọ́. Ìforúkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:30. Ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ yín dání. Ẹni tí omi bá ba ìwé rẹ̀ jẹ́, kó lọ sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá tó kọjá, a ó fún un ní òmíràn láìgba owó.

Bí òjò bá tún dé ńkọ́? A ti ri ọ̀pá tí a fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ìlà yẹn fi sẹ̀ńtímítà 30 rẹlẹ̀ sí ojú títì. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ènìyàn méjì láti inú ìgbìmọ̀ yóò lọ wò ó, wọn yóò sì yẹ etí afárá wò. Bí omi bá ti kan ìlà pupa, tàbí tí a kò tíì tún etí afárá ṣe, a ó tún ọjọ́ sún. Kí aago 6 tó lù, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò dé ọ̀dọ̀ yín, yálà ìpàdé wà tàbí kò sí. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan gbà, kó má kàn gbéra. Kó pe akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kéékèèké ni yóò pe àwọn tí kò ní Wàsáàpù, ènìyàn mẹ́wàá fún olórí kan.

Ní ti owó: owó ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ ti san wúlò fún ètò tuntun. Ẹni tí ọjọ́ tuntun kò bá bọ́ sí i fún, kó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀ kí ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá tó kọjá. Owó rẹ̀ yóò padà sínú àkáǹtì tó fi san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ẹni tó ti san owó ilé ìtura, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yáwó tó yẹ kí ẹ dá padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, a fún gbogbo yín láàyè títí di ọjọ́ 31, kò sí owó ìtanràn. Ẹ̀yáwó tí a ti fọwọ́ sí yóò jáde lọ́jọ́ tí a dá fún un, láti ọ́fíìsì ẹ̀ka kìíní.

Àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn irú àkókò báyìí. Ẹgbẹ́ kò ní pe ẹnikẹ́ni láti béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì, tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí àti dá owó padà. Ẹni tó bá bi yín bẹ́ẹ̀, ẹ pa fóònù dé.

Ẹ̀yin tí omi wọ ilé yín, ẹ fi tó olórí ẹgbẹ́ kéékèèké yín létí kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, kí a mọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Ẹ má mu omi kànga tí omíyalé bò láìsè é: kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ti gbéra láti ọ̀nà jíjìn kó tó rí ìkéde yìí, kó dúró sí ìlú tó bá ti dé, kó má gba ojú afárá kọjá lóru, kó sì pe wá. Nọ́ńbà ọ́fíìsì wà lẹ́yìn ìwé ìfowópamọ́ yín. Ẹnìkan yóò máa gbé e láti aago 7 òwúrọ̀ sí aago 10 alẹ́ títí di ọjọ́ Àìkú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ