Ìdí tí ìnáwó oṣù Kẹsàn-án fi kọjá ìṣúná

Sí: Ẹ̀yin Alákòóso
Láti: Ẹ̀ka Ìṣirò Owó, ilé iṣẹ́ gàrí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o. ₦6,400,000 la fọwọ́ sí. ₦7,310,000 la ná. ₦910,000 ló fi lé.

Ẹ̀gẹ́: ₦600,000 lé. Tọ́ọ̀nù 40 la ṣètò ní ₦90,000 fún tọ́ọ̀nù kan. 42 la rà ní ₦100,000. Owó ọjà tó gbówó lórí kó ₦420,000. ₦180,000 yòókù ló dùn mí jù: ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí a sì la ẹ̀gẹ́ náà, inú rẹ̀ ti dúdú. Tọ́ọ̀nù 2 ṣòfò, a ní láti ra òmíràn.

Dísù: ₦300,000 lé. Iye owó rẹ̀ kò yí padà, ₦1,200 ni lítà kan. Àìsí iná ló jẹ́ ká lo lítà 1,250 dípò 1,000.

Owó àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ fi ₦70,000 lé. Àpò àti ọkọ̀ dín ní ₦60,000.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká máa ra ẹ̀gẹ́ nítòsí títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró.