Bọ̀dá mi, spíìṣì ọjọ́ Sátidé yẹn

Ẹ kú àárọ̀ sà, mo ti rí mẹ́séèjì yín tẹ́ ẹ ní kí n bá yín kọ spíìṣì tó máa wọ àwọn tó bá gbọ́ ọ lára, màá kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, àmọ́ ẹ ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Sátidé yẹn. Ṣé ìgbéyàwó ni, àbí ìsìnkú, àbí ẹnì kan ló ń fẹ̀yìn tì? Tó bá jẹ́ ìsìnkú, ṣé àgbà ni àbí ọ̀dọ́, torí mi ò lè kọ "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" sílẹ̀ fún òkú ọ̀fọ̀ o.

Ìṣẹ́jú mélòó ni emusíì fún yín? Àwọn wo ló máa wà níkàlẹ̀? Tí Kábíyèsí bá máa wá, àwọn la máa kọ́kọ́ kí.

Èyí tó ká mi lára jù, kí lẹ jẹ́ sí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún gan-an? Ọ̀gá yín ni, àbí ọ̀rẹ́ ilé-ìwé, àbí àna? Gbogbo èèyàn ló lè dìde kó ní "èèyàn dáadáa ni", ẹ sọ ohun kan tó ṣe tó ṣojú yín fún mi, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó sọ, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ lónìí sà.