A Ń Wá Ẹni Tí Yóò Máa Ka Búrẹ́dì, Tí Yóò Sì Máa Gba Owó

Ìkéde yìí ló rọ́pò èyí tí a lẹ̀ mọ́ ara géètì ilé búrẹ́dì wa ní Òjóò, Ìbàdàn, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Nínú ti àkọ́kọ́, a kọ ọ́ pé a ń wá “ọ̀dọ́ alákíkanjú tó lè ṣe iṣẹ́ gbogbo, tí kì í wo aago, tó ṣe tán láti di ọmọ ẹbí wa, fún owó oṣù tó jọjú.” Ẹni méjì la gbà, àwọn méjèèjì sì lọ kí oṣù tó parí, nítorí pé ohun tí wọ́n bá níbí kọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe. Àwa la jẹ̀bi, a sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ní aago márùn-ún ìdájí, ẹni tí a bá gbà yóò ka búrẹ́dì tó ti tutù, yóò wò ó bóyá ó bá iye tí àwọn tó yan án kọ sílẹ̀ mu, yóò sì kà á lé àwọn awakọ̀ wa méjì àti àwọn ìyá tó ń rà á lọ tà lọ́wọ́. Òun ni yóò gba owó, tàbí kí ó rí i dájú pé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti báńkì ti wọlé kí búrẹ́dì tó jáde, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni àwọn awakọ̀ máa ń padà dé, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí awakọ̀ bá kó búrẹ́dì 120 lọ, tó dá 14 padà, owó 106 ló gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti 104 ló mú wá, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè méjì yòókù kí ó tó kúrò níwájú yín, bí ó tilẹ̀ jù yín lọ lọ́jọ́ orí, tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

“Iṣẹ́ gbogbo” tí a kọ tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí fífọ agolo ìyanbúrẹ́dì, àti lílọ mú ọmọ ọ̀gá wálé láti iléèwé. A ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Gbígbá iwájú tábìlì tí ẹ ti ń tajà nìkan ló kù.

Aago márùn-ún sí aago kan ọ̀sán ni iṣẹ́, pẹ̀lú wákàtí kan fún oúnjẹ àti ìsinmi, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi yín kò lè bọ́ sí Sátidé, torí ọjọ́ náà ni ọjà wa máa ń yá jù. Lọ́sẹ̀ tí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá ku dẹ̀dẹ̀, a lè bẹ̀ yín kí ẹ dúró títí di aago mẹ́ta. ₦800 ni a ó san lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé.

Owó oṣù jẹ́ ₦85,000 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ₦95,000. Ọjọ́ 28 oṣù ni à ń san án. À ń ṣàlàyé èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ “ọmọ ẹbí” la fi ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí owó bá pẹ́, ìyẹn kò sì dára. A kò ní í yọ owó búrẹ́dì tó bá dín lára owó oṣù yín. A ó jọ tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ni. A kò ní ètò owó ìfẹ̀yìntì: òfin ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mọ́kànlá sì ni wá. Ẹni tó bá pé ọdún kan yóò gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó. Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ni a ó fún yín ní ìwé àdéhùn.

A kò béèrè ìwé ẹ̀rí Wáẹ́ẹ̀kì. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ 20 ọdún, kí ẹ lè ṣe ìṣirò, kí ẹ sì lè kọ̀wé tí ẹlòmíràn yóò rí kà. Ọkùnrin tàbí obìnrin ni. Ẹ óò ṣe àyẹ̀wò ìlera tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwa ni yóò san owó rẹ̀. Ibẹ̀ gbóná, orí ìdúró ni ẹ ó sì wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìyẹ̀fun máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò ní í bá ẹni tí èémí máa ń há lára mu. Ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n ní aago mẹ́rin ààbọ̀, a kò sì ní ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ilé yín wà ní Òjóò, Sásá, Àgbọ̀wọ́ tàbí Mọ́níyà.

Ẹ mú lẹ́tà kúkúrú tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ wá fún alábòójútó ní ilé búrẹ́dì náà, láàárín aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, kó tó di Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2026. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń wáṣẹ́. A ó fún ẹ̀yin tí a bá pè ní ìdánwò ìṣirò ogún ìṣẹ́jú, a ó sì mú yín wo inú ibi iṣẹ́ náà kí ẹ tó dá wa lóhùn. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.