Ẹ̀gbọ́n, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú l'Ọ́jọ́bọ̀, lórí ọ̀rọ̀ kòkó tó ní òórùn èéfín

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Ìyá Tóyìn láti Ìdànrè, èmi tí mo pe ètò yín ní Sátidé tí línì já kí n tó sọ̀rọ̀ dénú, ẹ tiẹ̀ ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù, òun rèé.

Ẹnì kan sọ lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀lẹ ló jẹ́ kí kòkó wa máa ní òórùn èéfín. Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí, torí ọdún 14 rèé tí mo ti ń sá kòkó. Tí a bá fọ́ ọ tán, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó bí ọjọ́ 5 sí 6, a ó máa yí i kó lè gbóná kárí, ìyẹn ò le, oòrùn ló kù, oòrùn yìí gan-an sì ni wàhálà, torí oṣù 10 tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ yìí, òjò ò tíì fi wá sílẹ̀. Ẹ ó sá a láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ẹ ti ń sáré kó o wọlé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní bí ọjọ́ 3, ó ti bu nìyẹn. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ bá wà lọ́rùn ẹ̀ á bá daná sábẹ́ ẹ̀, èéfín wọ̀ ọ́, oníbàárà gé owó. Àwọn kan á lọ sá a sójú títì ọlọ́dà, eruku mọ́tò àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ lórí ẹ̀ (mi ò ní purọ́, èmi náà ti ṣe é rí).

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju bí a ṣe fi ọparun kan pèpéle sókè tí a sì ta ọ̀rá funfun lé e lórí, tí òjò ń rọ̀ tí kòkó wa ń gbẹ nìṣó. Mi ò ní sọ̀rọ̀ òṣèlú o.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń bọ̀ l'Ákùrẹ́, mo lè dé sitúdíò yín ní aago 11, kí ẹ gbà á sílẹ̀ títí di 11:20, torí aago 1 ni mọ́tò tó gbé mi wá ń padà. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é ní láìfù, ahọ́n mi máa ń wúwo tí ẹ̀rù bá bà mí. Màá mú kòkó wá nínú ọ̀rá méjì, ẹ ó gbọ̀n ọ́n lẹ́nu máìkì, èyí tó gbẹ dáadáa máa ń ró ṣàkàṣàkà, àwọn olùgbọ́ á gbọ́ ìyàtọ̀ fúnra wọn.

Tí Ọjọ́bọ̀ ò bá ṣeé ṣe, ẹ pè mí ní Fúráìdè láàárín 7 sí 7:30 àárọ̀ kí a gbà á lórí fóònù, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ mo ti wà lóko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, kí n lè bá dírẹ́bà sọ ọ́.