Ìròyìn nípa Sùnkànmí tí màlúù kàn ní ilé ìbímọ ẹran

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú ìrìn àjò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dáadáa láàárọ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń pè yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Sùnkànmí ń bẹ láàyè, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ gbogbo wa. Egungun ìhà rẹ̀ méjì ló ṣẹ́ lápá òsì, ìwo sì ya ẹ̀yìn itan rẹ̀ ọ̀tún.

Màlúù oníwájú funfun yẹn bímọ kí ilẹ̀ òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó mọ́. Ọmọ dìde, ó mu ọmú. Nígbà tó kọjá aago méje díẹ̀, Sùnkànmí wọlé lọ fi ayodíìnì sí ìdodo ọmọ náà, bí a ti máa ń ṣe kí àrùn má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ìdòwú dúró sẹ́yìn ọgbà. Èmi wà ní ilé oúnjẹ ẹran, nítorí náà ẹnu Ìdòwú ni mo ti gbọ́ èyí tó kàn yìí, Sùnkànmí sì sọ ohun kan náà ní ilé ìwòsàn.

Wọ́n ti so ìyá mọ́ òpó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. Sùnkànmí gbé ọmọ lọ sí igun kejì. Bó ṣe di ìdodo rẹ̀ mú, ọmọ ké. Ìyá fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Okùn ò já o, òrùka irin tí a so ó mọ́ ló tu kúrò lára òpó. Kí Ìdòwú tó lanu pariwo, màlúù ti dé ọ̀dọ̀ Sùnkànmí, ó forí kàn án níhà, ó gbá a mọ́ pákó. Nígbà tó ṣubú, ó tún kàn án nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà ìkẹyìn ni ìwo wọ itan. Ìdòwú ju àpò bo màlúù lójú. Ọmọ ti sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn, ìyá sì tẹ̀ lé e. Àyè yẹn ni Ìdòwú fi wọ́ Sùnkànmí gba abẹ́ igi ìsàlẹ̀ jáde.

Ìgbà yẹn ni mo dé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní itan, mo ká aṣọ mímọ́, mo fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gan-an, mi ò sì ṣí i wò mọ́ títí a fi dé. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fún un ní omi mu. Bó bá mí kanlẹ̀, ìhà a dùn ún, ṣùgbọ́n kò wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. A gbé e sórí pákó sínú ọkọ̀ akẹ́rù, a sì dé ilé ìwòsàn kí aago mẹ́jọ tó lù.

Dókítà ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó ní egungun tó ṣẹ́ ò gún ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n rán itan, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kó sùn síbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n gbá níhà òsì báyìí, inú rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìhàn síta. Ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo padà lọ yẹ òpó yẹn wò. Ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára òrùka, ìyẹ̀fun igi sì lẹ̀ mọ́ wọn. Ikán ti jẹ inú igi tán, ọ̀dà tí a kùn ún ló ń gbé e dúró lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Sùnkànmí kò so ó dáadáa. Wọ́n tún ń sọ pé kí a ta màlúù náà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀: abiyamọ ni, wọ́n sì gbé ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé yẹn ní. Ẹni tó bá wà nínú kò ríbi sá sí.

Ẹ jẹ́ kí káfíńtà ya àlàfo sára ọgbà ní igun méjèèjì, kó fẹ̀ tó kí ènìyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, kí àyà màlúù má lè gbà á. Kó tún fi ilẹ̀kùn kan dá ilé náà sí méjì, kí a lè máa ya ìyá sápá kan. Kí òpó tuntun jẹ́ irin. Títí ẹ ó fi fèsì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ìdòwú ti na ọwọ́ láti ìta fi ayodíìnì sí ìdodo ọmọ nígbà tó sún mọ́ igi.

Owó ọgbà ni mo fi san owó ilé ìwòsàn, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá owó oṣù rẹ̀ á máa wọlé bó bá wà nílé, mo ní màá bi yín. Dókítà ní egungun ìhà lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì kí n tó padà lọ kí i láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí.

Èmi,
Alábòójútó ọgbà