Lẹ́tà Akápò: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Gbèsè Owó Oṣù

Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn
4 Oṣù Keje, 2025

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú òjò yìí náà. Ọjà á tà, a ò ní pàdánù.

Ìpàdé tó kọjá kò tán síbi tó dáa. Ohùn lọ sókè lórí owó ìtanràn, àwọn kan sì sọ ọ́ lójú mi pé iye tí mo kọ sínú páàsì àwọn kò yé àwọn. Mi ò bínú. Owó yín ni, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń rìn. Alága wá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé ìwé mọ́ lè ní kí ọmọ kà á sí òun létí.

Owó oṣù wa ṣì jẹ́ ₦5,500. ₦5,000 nínú rẹ̀ ni ìfipamọ́ yín, tiyín ni títí láé. ₦500 tó kù ni a fi ń ra ìwé, tí a fi ń san owó yàrá ìpàdé àti ti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni gbèdéke. Orí ìfipamọ́ nìkan ni ìtanràn ń gùn. ₦500 yẹn kì í bímọ.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
Ìtanràn oṣù kan = G × 5% × O
```

G ni ìfipamọ́ oṣù náà tí ẹ kò tí ì san. O ni iye ọjọ́ kẹwàá tó ti kọjá lẹ́yìn gbèdéke oṣù náà fúnra rẹ̀, kò sì lè ju 6 lọ. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ₦5,000 jẹ́ ₦250. Nítorí náà, bó ti wù kí oṣù kan pẹ́ tó nílẹ̀, ìtanràn rẹ̀ kò lè kọjá ₦1,500. A kì í gba ìtanràn lórí ìtanràn.

Ibi tí O ti ń ṣi ni lọ́nà ni kí a dúró sí díẹ̀. Ẹni tí kò san ti oṣù Kẹta ní 10 Oṣù Kẹta, tó wá san án ní 20 oṣù yẹn kan náà, kò jẹ ìtanràn kankan, torí pé ọjọ́ kẹwàá mìíràn kò tí ì kọjá. Bó bá di 11 Oṣù Kẹrin kó tó san, ọjọ́ kẹwàá kan ti kọjá, ₦250 ti wọlé. Ẹ máa fi ìka kà á: ẹ fo gbèdéke oṣù náà, kí ẹ wá ka ọjọ́ kẹwàá tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí kò sí nínú wa, ká pè é ní Ìyá Aláta. Ọjà kò dáa fún un, kò san oṣù Kẹta, Kẹrin àti Karùn-ún. Ní 20 Oṣù Kẹfà, ó mú ₦5,500 wá, ó ní ti oṣù Kẹfà ni. Lọ́jọ́ yẹn, oṣù Kẹta ti jẹ ₦750, Kẹrin ₦500, Karùn-ún ₦250, oṣù Kẹfà kò tí ì jẹ nǹkan kan. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦1,500. Owó oṣù mẹ́rin jẹ́ ₦22,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦23,500.

Níbo ni mo kọ ₦5,500 rẹ̀ sí? Oṣù Kẹta. Ibí yìí ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé, pé akápò ń gbé owó lọ síbi tó wù ú. Òfin tí a jọ fọwọ́ sí ni pé oṣù tó pẹ́ jù ló kọ́kọ́ ń gba owó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò: bí mo bá kọ ọ́ sí oṣù Kẹta, oṣù Kẹrin, Karùn-ún àti Kẹfà ló máa jẹ ₦250 kọ̀ọ̀kan ní 10 Oṣù Keje. Bí mo bá kọ ọ́ sí oṣù Kẹfà, Kẹta, Kẹrin àti Karùn-ún ló máa jẹ ẹ́. ₦750 náà ni lọ́nà méjèèjì. Gbèsè tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí, torí ìtanràn oṣù àtijọ́ ti dúró lójú kan. Níbẹ̀, kíkọ ọ́ sí oṣù tuntun á dín owó díẹ̀ kù fún ẹni tó jẹ gbèsè. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Àmọ́ ẹ wo ti owó yíyá. Ẹni tí O oṣù rẹ̀ tó pẹ́ jù bá ti ju 3 lọ kò lè yá owó, kò sì lè ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn. Bí oṣù Kẹta bá ṣì wà nílẹ̀ ní 11 Oṣù Keje, O rẹ̀ á di 4, ilẹ̀kùn á tì mọ́ Ìyá Aláta. Nígbà tí mo ti pa oṣù Kẹta rẹ́, oṣù Kẹrin ló pẹ́ jù, O rẹ̀ á jẹ́ 3. Ó ṣì lè yá owó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń san déédéé síbẹ̀ tí gbèsè kò tán. Ìyá Aláta lè máa mú ₦5,500 wá lóṣooṣù láì já ọjọ́ kan, kó sì máa jẹ ₦750 ìtanràn lóṣù kọ̀ọ̀kan, torí pé oṣù mẹ́ta náà ń sún tẹ̀ lé e ni. Ká ní ó mú ₦11,000 wá ní 20 Oṣù Kẹfà ni, ₦500 péré ni 10 Oṣù Keje ìbá fi kún un. Ẹ fi oṣù kan kún ti oṣù tuntun nígbàkigbà tí ọwọ́ bá dẹ̀, kódà bó jẹ́ ààbọ̀.

Ẹni tó bá san ààbọ̀, ₦500 ìnáwó ni mo ń yọ ṣáájú, ìyókù á wọ ìfipamọ́. Ìfipamọ́ ń ṣíwájú ìtanràn nígbà gbogbo. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ kan ń kọ́kọ́ gba ìtanràn. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tún jẹ yín ní àforíjì. Títí di oṣù tó kọjá, mo ń ka gbèdéke fúnra rẹ̀ mọ́ O, ìyẹn ni pé ẹni tó san ní ọjọ́ kọkànlá ti ń jẹ ₦250. Ìyá kan nínú wa tó ń ta ẹ̀wà, tí kò ka ìwé kankan, ló fi ìka kà á tó sì já mi. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kàn, ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lápapọ̀, ₦6,750. Mo ti dá a padà sínú ìfipamọ́ oníkálukú, Akọ̀wé sì ti fọwọ́ sí i.

Mi ò lágbára láti fojú fo ìtanràn fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá mú kó jẹ gbèsè, kó kọ ìwé sí ìgbìmọ̀. Wọ́n lè fo ìtanràn, wọn kò lè fo owó oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lóru nítorí rẹ̀.

Fún àwọn tó ń fi fóònù san: ọjọ́ tí owó wọ báǹkì ẹgbẹ́ ni mo ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi àlàátì hàn mí. Kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí i. ₦16,500 ti wà ní báǹkì láti oṣù Karùn-ún, mi ò mọ ẹni tó ni ín, ẹni náà sì ń jẹ ìtanràn lọ. Kí olówó mú àlàátì rẹ̀ wá sí ìpàdé ní Sátidé, 12 Oṣù Keje, kí oníkálukú sì mú páàsì rẹ̀ dání. Màá dé ní aago méje àárọ̀ kí ọjà tó gbóná.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì elélùbọ́
Akápò