Iṣẹ́ lébẹ̀lì yín lẹ́yìn oṣù yìí

Ẹ káàárọ̀ o, Mọ̀mí Tóbi àti Bọ̀dá Káyọ̀dé,

Ẹ kú ọjà. Àdéhùn wa lórí lébẹ̀lì kòkó lílọ̀ yín yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù yìí. Mi ò ní lè bá a lọ, nítorí mo ti gba iṣẹ́ olóṣù kan ní Alágbàká.

Fúnmi ni mo fẹ́ kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ rántí àwọ̀ osùn ara páálí tuntun yẹn tí àwọn oníbàárà yín ń yìn? Òun ló mú un wá, èmi kàn gbà fún un ni. Kí n má parọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó tèmi. Ṣùgbọ́n kì í fi nọ́ńbà NAFDAC sílẹ̀, kì í sì í gbàgbé ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́, èyí sì ṣe pàtàkì ju kíákíá lọ. Oǹdó ló ń gbé, ó sì máa ń wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọọjọ́ Ajé. Ẹ bá a dúnàádúrà fúnra yín. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Gbogbo fáìlì ti wà nínú Google Drive yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pààrọ̀ pásíwọọ̀dù Instagram tó wà lọ́wọ́ mi. Owó tó kù, ẹ dì í mú títí Fúnmi yóò fi ṣí àwọn fáìlì náà tí wọ́n sì pé.

Bí atẹ̀wé bá ní àwọ̀ kò bára mu kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ pè mí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ bá mi kí Tóbi. Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá fún owó tí kì í pẹ́.

Ọmọ yín,
Dàpọ̀